Fọ́tò ara tó sú lẹ́yìn oògùn: ta ló yẹ kó dé ọsibítù lálẹ́ yìí?

Alẹ́ ni irú fọ́tò báyìí sábà máa ń dé. Ẹnì kan ya àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù, ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn tó mọ̀ lórí Wáàsáàpù, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo nǹkan tó sú sí Bọ̀dá lára yìí. Ṣé ẹ̀gbẹ̀sì ni àbí èéyi?” Ohun tí wọ́n bi ẹni tó gba fọ́tò ló máa fẹ́ dáhùn, ó máa fẹ́ wá orúkọ fún un. Orúkọ ṣì lè dúró di ọ̀la. Àkókò ni kò lè dúró: ṣé kí wọ́n wọ mọ́tò lálẹ́ yìí, ṣé kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, ṣé kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àbí kí wọ́n wà nílé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, ìyẹn ara tó sú lẹ́yìn tí ènìyàn lo oògùn. Mo yàn án nítorí pé ibẹ̀ ni fọ́tò ti ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Fọ́tò àyà méjì lè jọra débi pé dókítà awọ ara pàápàá kò ní fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí fóònù. Ọ̀kan á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èkejì á di àìsàn tí awọ ara fi ń bó bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, tí ẹnu àti ojú sì ń bá a lọ. Ọ̀nà tí a ó fi mọ èyí tó jẹ́ èwo wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àwọ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa awọ ara, ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe, wọ́n á ní ibi tó sú “pupa.” Lára àwa, pípupa kì í sábà hàn bẹ́ẹ̀. Ibi tó sú á dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, tàbí kó rí bí àwọ̀ àlùkò, tàbí kó ní eérú díẹ̀ nínú. Lára ẹni tó dúdú gan-an, ojú lè má rí nǹkan kan rárá, ọwọ́ ni yóò sọ ọ́: ibẹ̀ á gbóná, á wú díẹ̀, á sì le ju ibi tó kù lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá dáhùn pé “kò kúkú pupa, kò lè burú” ti lo òṣùwọ̀n tí kì í ṣe tiwa. Ibi tí ara wa ti máa ń sọ òótọ́ nípa àwọ̀ ni àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ètè, òkè ẹnu, àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan pupa wà níbì kan, ibẹ̀ ni ká yà.

Fóònù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kámẹ́rà iwájú, èyí tí a fi ń ya ara ẹni, sábà máa ń tún ojú ṣe láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ó máa ń dán awọ ara, ó sì ń nu àmì kéékèèké kúrò, bẹ́ẹ̀ àmì yẹn gan-an là ń wá. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pa gbogbo àtúnṣe ẹwà. Gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n máa ń pọ́n gbogbo nǹkan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ àlùkò àti dúdú lásán á sì parẹ́. Fúláàṣì máa ń dán gbinrin lórí ara tó lóòógùn tàbí tó ní òróró, ibi tó dán yẹn á bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí ènìyàn dùbúlẹ̀ lé pàápàá ń kópa. Tó bá jẹ́ funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, awọ ara á wá ṣókùnkùn ju bó ṣe rí lọ. Aṣọ aláwọ̀ búlúù tàbí eérú tí kò ní iṣẹ́ ọnà lára ló dára jù.

Tí ilẹ̀ bá ṣì mọ́, kí ẹni tó ń ṣàìsàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí oòrùn má kàn án tààrà. Kí wọ́n rọra nu pàúdà, oríi tàbí kalamáìnì kúrò ní ibi tí wọ́n bá ti fi pa á, àfi tí nínu yẹn bá dun ún. Lẹ́yìn náà, fọ́tò mẹ́ta tó ibì kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́, láti bíi mítà kan, kí gbogbo àyà tàbí gbogbo ẹ̀yìn hàn, ká lè mọ ibi tó dé àti bóyá ó wà ní ọ̀tún àti òsì bákan náà. Èkejì, láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, pẹ̀lú páálí ìṣáná tàbí ìdérí báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Kí ẹ fi ìka kan ojú ibi tó sú lórí fóònù kó lè mọ́ kedere kí ẹ tó yà á. Ẹ má sún mọ́ ọn jù, torí púpọ̀ nínú fóònù kì í ríran dáadáa tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ̀kẹta, láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba orí awọ kọjá. Òun ló ń fi hàn bóyá ó ga, bóyá omi wà nínú rẹ̀, àbí ó pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ tẹ `HD` tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi `Document`, nítorí Wáàsáàpù máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ má ya ojú ara ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, ẹ má sì ya ọmọdé níhòòhò. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ẹ fi ẹnu sọ ọ́.

Bí fọ́tò bá dára tó báyìí, síbẹ̀ kò tíì lè dáhùn ìbéèrè àkókò. Àwọn tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa béèrè lẹ́yìn fọ́tò ló ń gbé ìpinnu wá, ìbéèrè márùn-ún sì ni wọ́n máa ń bi. Oògùn wo lo lò láti oṣù méjì sẹ́yìn, ọjọ́ wo lo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ara gbóná, mélòó ni tẹmọ́mítà sọ? Ṣé ó ń yún ọ ni àbí ó ń dùn ọ́? Báwo ni ẹnu àti ọ̀fun? Báwo ni ojú?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló le jù láti gba ìdáhùn tó péye sí. Àwọn ènìyàn wa máa ń dárúkọ oògùn tí wọ́n lò lánàá, wọ́n á gbàgbé èyí tó ti tán. Wọn kì í ka Sẹ́pítírìn tí wọ́n rà ní kẹ́mísì sí oògùn tó yẹ kí wọ́n sọ. Wọn kì í ka oògùn ìrora tí aládùúgbò fún wọn sí nǹkan. Ẹni tó ń béèrè ní láti dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Sẹ́pítírìn? Fánsídà? Oògùn wárápá, irú bíi kabamasẹpíìnì, fẹnitóìnì, fẹnobábítà tàbí lamotirijíìnì? Oògùn gáòtù tí wọ́n ń pè ní alopurínọ́ọ̀lù? Nẹfirapíìnì, tí àwọn tó ní kòkòrò apasójà-ara kan máa ń lò? Oògùn ìrora bíi pírókísíkáàmù? Ìwọ̀nyí wà lára àwọn tí a mọ̀ dáadáa pé wọ́n lè fa èyí tó burú jù, àìsàn Stevens-Johnson. Ọdún 1922 ni Albert Stevens àti Frank Johnson, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin méjì tí ara wọn sú, tí ibà mú wọn, tí ẹnu àti ojú wọn sì bàjẹ́.

Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n. Ènìyàn díẹ̀ péré nínú mílíọ̀nù kan ló ń mú lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú àwọn tó ní kòkòrò apasójà-ara ju àwọn yòókù lọ. N kò kọ èyí kí aboyún má baà lo Fánsídà tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn láti dènà ibà, èrè oògùn yẹn fún òun àti ọmọ inú rẹ̀ ga ju ewu rẹ̀ lọ fíìfíì. Mo kọ ọ́ kí ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí lè tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní télọ̀ kan, ọmọ ọdún 34, ní Òṣogbo. Ìgbẹ́ gbuuru mú un ní ọjọ́ kejì oṣù. Wọ́n tà Sẹ́pítírìn fún un ní kẹ́mísì, ó lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún, ìgbẹ́ náà sì dá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, ara rẹ̀ gbóná, ọ̀fun ń dùn ún, ojú ń ta á. Ó ní ibà ni, ó bẹ̀rẹ̀ oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, àyà rẹ̀ sú. Ìyàwó rẹ̀ yà á lábẹ́ gílóòbù, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú fọ́tò, àmì dúdú pẹlẹbẹ ló wà ní àyà, bí ẹ̀gbẹ̀sì tó pọ̀ díẹ̀. Nínú ilé, ẹnì kan ti ní oògùn ibà ló fà á. Màmá ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé ibà náà ló ń jáde sí ara, pé ó san kó jáde ju kó wà nínú lọ.

Ẹ wo bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á ṣe tú u. Ó kọ́kọ́ ka ọjọ́. Láti ọjọ́ kejì tí Sẹ́pítírìn bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹrìnlá tí ara gbóná jẹ́ ọjọ́ 12. Àìsàn Stevens-Johnson sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbé oògùn náà mì, nítorí náà ọjọ́ 12 wọ inú rẹ̀ gẹ́ẹ́. Pé oògùn ti tán láti ọjọ́ kẹfà kò yọ ọ́ nínú ẹ̀sùn. Oògùn ibà ńkọ́? Ara ti gbóná, ojú ti ń ta á kí ó tó gbé e mì, nítorí náà ó ṣòro kó jẹ́ òun. Ìṣírò kékeré yìí ni àwọn ará ilé kì í ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá oògùn tó dé kẹ́yìn lẹ́bi, tí wọ́n á sì tún fún ènìyàn ní èyí tó jẹ̀bi gan-an nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n ya ẹnu. Kí ọkùnrin náà yanu, kí ẹlòmíràn fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ìyàwó yà á láìlo fúláàṣì. Ètè ìsàlẹ̀ ti bó ní ojú méjì, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ dúdú sì wà lórí rẹ̀. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní egbò tí ohun funfun bò. Itọ́ ń dùn ún láti gbé mì. Ó ní kí wọ́n fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: inú ojú pupa, ìpín sì pọ̀ níbẹ̀, kò sì fẹ́ wo iná. Ó bi í bóyá ara ń yún un. Ó ní rárá, pé aṣọ tó kan àyà òun ló ń dun òun, bí ibi tí oòrùn jó. Títọ̀ náà ń ta á, kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí ó ń tijú. Tẹmọ́mítà sọ 38.9.

Kò sí ohun tó kù láti béèrè. Ara tó sú, ibà tó tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn tuntun láàárín oṣù méjì, pẹ̀lú ọ̀kan péré nínú mẹ́ta wọ̀nyí, ẹnu tó bó, ojú tó pupa tàbí awọ tó ń dun ènìyàn, jẹ́ ọ̀ràn ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí kò bá tilẹ̀ sí tẹmọ́mítà nínú ilé, ẹnu àti ojú nìkan ti tó láti gbéra.

Ohun tó máa ń mú kí ènìyàn fà sẹ́yìn ni pé àyà yẹn kò tíì burú lójú, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kì í burú lójú. Tí ó bá di ọ̀la tàbí ọ̀tunla, àárín àmì kọ̀ọ̀kan lè ṣú bí eérú tàbí àlùkò, kó lé ròrò, kí awọ òkè sì máa ṣí kúrò lórí ti ìsàlẹ̀, kí ibẹ̀ wá rí bí ìwé tín-ín-rín tó rin nínú omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka fà á wò bóyá yóò bó. Àwọn dókítà máa ń wọn bí awọ tó bó ṣe pọ̀ tó, àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara rẹ̀. Tí ó bá wà lábẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, Stevens-Johnson ni wọ́n ń pè é, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló sì ń gbà lọ. Tí ó bá kọjá ìdá 30, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó sì ń gba nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Àwọn tó bá là á já lè fọ́jú tí wọn kò bá tètè tọ́jú ojú wọn, nítorí inú ìpéǹpéjú lè lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú bó ṣe ń jinná. Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ alẹ́ yìí: oògùn tí a bá tètè dá dúró ń dín ewu kù, ojú tí dókítà ojú bá tètè rí náà sì ní ìrètí.

Ọsibítù ìkọ́ni yunifásítì ni kí wọ́n forí lé, ibi tí dókítà awọ ara, dókítà ojú àti àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó wà. Ọ̀kan wà ní Òṣogbo fúnra rẹ̀, èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Tí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n gba ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn kọjá fún omi ara àti lẹ́tà, kí wọ́n má sùn síbẹ̀ kí wọ́n máa retí kó lọ. Kí wọ́n dá gbogbo oògùn tí kò pọn dandan dúró. Oògùn tí ènìyàn kò lè ṣàdédé fi sílẹ̀, bíi ti wárápá, kí wọ́n pe dókítà lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Kí wọ́n kó gbogbo sáàṣẹ́ẹ̀tì àti páálí oògùn dání, èyí tó ti ṣófo pẹ̀lú. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ rírọ̀ bò ó. Kò gbọdọ̀ sí àdín, kò gbọdọ̀ sí oríi, kò gbọdọ̀ sí àgbo, kò sì gbọdọ̀ sí abẹ́rẹ́ kankan láti kẹ́mísì. Kí fọ́tò tí wọ́n ti yà má parẹ́ o, wákàtí tí wọ́n yà á wà lára rẹ̀, dókítà yóò sì fẹ́ mọ bó ṣe yára tàn tó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé fọ́tò kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà kan, ọmọ ọdún 28, eyín ń dùn ún, dókítà eyín fún un ní amọksisílìn. Ní ọjọ́ kẹjọ, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ sú, ọ̀tún àti òsì bákan náà, ó sì ń tàn lọ sí apá. Fọ́tò àyà rẹ̀ àti ti télọ̀ yẹn kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìbéèrè márùn-ún náà la bi í. Ó ń yún un gan-an, kò dùn ún. Tẹmọ́mítà sọ 37.4. Ètè rẹ̀ dán, inú ẹnu mọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà tán. Ojú funfun. Títọ̀ kò ta á.

Ara tó sú nítorí oògùn lọ́nà tó wọ́pọ̀ nìyí, èyí tó sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 14. Kò yẹ kó wọ mọ́tò lálẹ́. Kò sì yẹ kó gbé oògùn tó kàn mì kó tó bá ẹni tó kọ ọ́ fún un sọ̀rọ̀, nítorí náà kó pè é ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹnì kan sì fi ojú rí i ní ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Lorátádìn mílígíráàmù 10, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lè dín yíyún kù. Láàárín ìgbà náà, kí ó ya ibì kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ní fèrèsé kan náà, kí ó sì yẹ ẹnu, ojú àti ibà wò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó lè máa tàn fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí oògùn ti dúró, ìyẹn nìkan kì í ṣe ìpayà. Tí ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí ta á, tí ojú bá pupa, tí yíyún bá di dídùn, tí ara bá gbóná tó 38, tàbí tí gbogbo ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú, ọ̀ràn ti kúrò ní ti ọ̀la. Mo fi ojú wíwú kún un nítorí irú kan tún wà tí ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ lẹ́yìn oògùn, tí ojú á wú, kókó á yọ ní ọrùn, ibà á mú ènìyàn, tí ẹ̀dọ̀ sì lè bàjẹ́ nínú.

Ohun kan máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn nígbà tí ti tíṣà yìí bá ń lọ: awọ rẹ̀ á máa bó. Ẹ wo ó dáadáa. Èyí tó ń jinná máa ń bó ní gbígbẹ, bí eérú kéékèèké, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì pé, kò ní dùn ún. Èyí tó burú máa ń bó ní tútù, abala ńlá lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ rẹ̀ á pupa, á máa ṣomi, á sì máa dùn ún. Fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ ní ojú fèrèsé máa ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, bóyá òun nìkan ni ibi tí fọ́tò ti dára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àpá dúdú lè kù fún oṣù díẹ̀ lára wa. Kì í ṣe àìsàn mọ́, kí ó má lọ ra kírímù ìbóra fún un.

Ọ̀ràn méjì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró ya fọ́tò rárá. Tí ara bá wú ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oògùn tàbí abẹ́rẹ́, tí ètè tàbí ahọ́n ń wú, tí ohùn ń há, tí èémí ń le, tàbí tí ojú ń ṣú ènìyàn, kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Tí ara bá gbóná, tí ènìyàn kò mọ ohun tó ń sọ mọ́ tàbí tí ọrùn rẹ̀ gan, tí àmì àlùkò kéékèèké sì yọ tí kò parẹ́ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù gíláàsì tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé òun náà lọ lójú ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ètè ni kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wò lára aláwọ̀ dúdú. Tí ara bá kàn wú pẹlẹbẹ tó ń yún, tí èémí já gaara, ẹ fi báírò yí ọ̀kan ká kí ẹ kọ wákàtí sí i. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń kúrò ní ojú ibẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, á yọ síbòmíràn. Tí ó bá ṣì wà nínú àmì báírò náà lọ́jọ́ kejì, kí dókítà rí i.

Nígbà tí ara bá ti yá, iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ ní àbọ̀. Télọ̀ tiwa á máa sọ fún dókítà pé “Sẹ́pítírìn kì í bá mi lára mu.” Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ibà á mú un, wọ́n á sì tà Fánsídà fún un ní kẹ́mísì, nítorí kò mọ̀ pé irú èròjà kan náà, tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀fà, ló wà nínú méjèèjì. Kí ọsibítù kọ orúkọ ohun tó wà nínú oògùn náà fún un, yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, pẹ̀lú àwọn oògùn mìíràn tó ní irú rẹ̀ nínú. Kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì ọsibítù, kí ó ya ìwé náà sínú fóònù rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ náà ní in sínú tirẹ̀. Kí apòògùn tàbí dókítà fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC, tó ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí oògùn. Tí ó bá sì tún lọ sí kẹ́mísì, ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ na sí wọn kó tó sọ ohun tó ń ṣe é.